Ìbéèrè Wo Ni Kí A Bi Ẹni Tó Fẹ́ Lọ Sọ̀rọ̀ ní Àpérò?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìta gbangba tí a ṣe ní Marcory, Àbíjàn

Mo dúpẹ́ pé ẹ gbà kí n fi Yorùbá sọ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé Faransé la sábà fi ń sọ ọ́ ní ìlú yìí.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Bí ẹlẹgbẹ́ wa bá gbé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ lọ sọ ní àpérò lé wa lọ́wọ́, tó ní ká bá òun yẹ̀ ẹ́ wò kí ọjọ́ tó pé, kí ni kí a bi í, tí a ó fi mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà yéni, àti bóyá ẹ̀rí tó mú wá lágbára tó láti gbé e dúró?

Ohun tí mo gbàgbọ́ nìyí, n ó sì máa padà sórí rẹ̀: iṣẹ́ aṣàyẹ̀wò ni láti wọn àlàfo tó wà láàárín gbólóhùn tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ sọ àti ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì tọ́ka sí ibi tí àlàfo náà wà gan-an. Ìbéèrè tí kò bá ṣe iṣẹ́ yìí, bó ti wù kó fi ìmọ̀ hàn tó, ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ kò ní rí nǹkan fi ṣe.

1. Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó lò

Ta ni aṣàyẹ̀wò? Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ni, ṣùgbọ́n tí kò sí nínú ìwádìí náà. Ó gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ tó débi tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè fi ọ̀rọ̀ ńláńlá bò ó mọ́lẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí ìwádìí náà tó débi pé ohun tí wọn kò bá sọ, kò ní mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò máa fi ìmọ̀ ara rẹ̀ dí ihò tó wà nínú ọ̀rọ̀, kò sì ní mọ̀ pé òun ń dí i.

Kí ni ọ̀rọ̀ tó yéni? Ọ̀pọ̀ rò pé èdè tó ń dán ni. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń dán bíi dígí tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ohun tó dá lé. Ìdánwò tèmi ni pé kí olùgbọ́ méjì tí wọn kò jókòó pa pọ̀ jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn, kí a ní kí oníkálukú kọ ohun tí olùsọ̀rọ̀ ní òun rí sí gbólóhùn kan. Bí gbólóhùn méjèèjì bá bára mu, ọ̀rọ̀ náà yéni. Bí wọn kò bá bára mu, kò yéni, ìbáà jẹ́ pé gbogbo gbọ̀ngàn ló pàtẹ́wọ́.

Kí ni ẹ̀rí tó lágbára? Ohun tí a kì bá tí rí bí gbólóhùn náà bá jẹ́ irọ́ ni. Bí a bá lè rí ohun kan náà yálà òótọ́ ni àbí irọ́, a kò tíì ní ẹ̀rí, bó ti wù kí iye rẹ̀ pọ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ àpérò kò sì rí bí ìwé. Ẹni tó ń ka ìwé lè ṣí i padà sẹ́yìn. Ẹni tó jókòó sí gbọ̀ngàn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, síláìdì kan ń kọjá, òmíràn ń dé. Ohun tó bá fò ó dá ti lọ nìyẹn. Nítorí náà ni aṣàyẹ̀wò fi ní láti bi ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ní ìbéèrè ṣáájú ọjọ́ náà, torí pé àwọn olùgbọ́ kò ní ráyè bi í.

2. Iṣẹ́ tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ

N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ lójú òfuurufú. Iṣẹ́ kan wà tí a ṣe nínú ìlú yìí, tí èsì rẹ̀ kọ́kọ́ jáde gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ àpérò, tó sì wà lára ohun tó yí ìlànà ìtọ́jú padà káàkiri ayé. Temprano ni orúkọ rẹ̀. Ètò PAC-CI tó wà ní ilé ìwòsàn ńlá Treichville, nítòsí wa níbí, ló darí rẹ̀, ní ibi ìtọ́jú mẹ́sàn-án nínú Àbíjàn. Ní oṣù Kejì ọdún 2015, Christine Danel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì náà lọ sí àpérò CROI ní Seattle, ní Amẹ́ríkà. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ló jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn.

Ìbéèrè tí wọ́n ń wá ìdáhùn sí rọrùn láti sọ. Ẹni tó ní kòkòrò apasójà ara, tí sójà ara rẹ̀ tí a ń pè ní CD4 ṣì pọ̀, ṣé kó bẹ̀rẹ̀ oògùn HIV lójú ẹsẹ̀ ni, àbí kó dúró di ìgbà tí ìlànà Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé bá ní ó tó àkókò? Wọ́n so ìbéèrè kejì mọ́ ọn: ṣé oṣù mẹ́fà tí èèyàn bá fi lo ìsóníásíìdì, oògùn tó ń dènà ikọ́ ife, yóò ṣe é láǹfààní?

Èèyàn 2,056 ni wọ́n ka èsì wọn, gbogbo wọn ní CD4 tó wà lábẹ́ 800, wọn kò sì tíì dé ibi tí ìlànà ti ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn. Kèké ni wọ́n fi pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin. Ọ̀wọ́ kan dúró. Ọ̀wọ́ kan dúró, ó sì lo ìsóníásíìdì. Ọ̀wọ́ kan bẹ̀rẹ̀ oògùn HIV lójú ẹsẹ̀. Ọ̀wọ́ kẹrin bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó tún lo ìsóníásíìdì. Wọ́n tẹ̀ lé oníkálukú fún oṣù 30.

Ẹ jẹ́ ká fi ara wa sípò aṣàyẹ̀wò. Ká sọ pé ọ̀rọ̀ náà wà lórí tábìlì wa, wọn kò tíì gbé e lọ sí Seattle.

3. Ìbéèrè àkọ́kọ́: gbólóhùn kan wo lo fẹ́ kí a mú lọ sílé?

Kí a tó wo nọ́ńbà kankan, a ní láti béèrè gbólóhùn náà. Gbólóhùn ni mo wí. Àkòrí kò tó. «Oògùn HIV àti ìsóníásíìdì ní Àbíjàn», àkòrí nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò lè jà á níyàn, ẹ̀rí kankan kò sì lè tì í lẹ́yìn. «Oògùn HIV ṣe pàtàkì» náà kì í ṣe gbólóhùn tí a ń wá, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń sọ òdì kejì rẹ̀.

Gbólóhùn tí a ń wá gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ohun tí a ṣe fún un, ohun tí a fi wé e, ohun tó yí padà àti iye ìgbà tó gbà. Bí mo bá fẹ́ kọ ti Temprano, báyìí ni n ó ṣe kọ ọ́: láàárín àgbàlagbà tó ní HIV ní Àbíjàn tí CD4 wọn ṣì pọ̀, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ oògùn lójú ẹsẹ̀ kò ní àìsàn líle tàbí ikú láàárín oṣù 30 tó àwọn tó dúró de ìlànà.

Bí a ti kọ gbólóhùn yìí sílẹ̀ tán, gbogbo ìbéèrè yòókù ti wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ gbèsè tí ẹ̀rí gbọ́dọ̀ san. Ta ni «àwọn tó dúró»? Kí ni «àìsàn líle»? Kí ni «kò tó» túmọ̀ sí? Aṣàyẹ̀wò tó bá fo gbólóhùn, tó kọjú sí síláìdì kẹsàn-án tààrà, yóò máa ṣàríwísí àwọ̀ ilà àti ìtóbi lẹ́tà.

Ọ̀nà kan wà tí mo máa ń gbà ṣe é. Èmi fúnra mi ló ń kọ gbólóhùn náà bó ṣe yé mi, mo fi ránṣẹ́ sí ẹlẹgbẹ́ mi, mo ní: «Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ nìyí. Ṣé ohun tí o ní lọ́kàn nìyẹn?» Bó bá dáhùn pé rárá, a ti rí àlàfo àkọ́kọ́, a kò tíì fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan.

4. Ìbéèrè kejì: ta lo fi wé ta?

Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀rí tó ti ẹnu ẹgbẹ́ kan ṣoṣo wá kì í ṣe ẹ̀rí. Bí olùsọ̀rọ̀ bá ní «a fún ọgọ́rùn-ún èèyàn ní oògùn yìí, àádọ́rùn-ún kò ṣàìsàn», kí a bi í pé: àwọn tí ẹ kò fún ńkọ́?

Temprano ní ìdáhùn sí ìyẹn, torí pé kèké ló pín àwọn èèyàn. Kì í ṣe dókítà ló yan ẹni tó le láti fún ní oògùn, kì í sì í ṣe ẹni tó bìkítà jù lọ ló yan ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kèké kò parí iṣẹ́ aṣàyẹ̀wò. Ohun kan wà nínú ìwádìí yìí tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ aṣàyẹ̀wò ti máa ń béèrè ìdajì ìbéèrè.

Àwọn tó dúró, wọ́n ń dúró de ìlànà. Ìlànà náà kò sì dúró lójú kan. Ọdún 2008 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba èèyàn sínú ìwádìí náà. Ní ìparí 2009, Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé ní kí ẹni tí CD4 rẹ̀ bá ti wọ 350 bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ní 2013, wọ́n gbé e sókè sí 500. Àwọn olùwádìí tẹ̀ lé ìlànà bó ṣe ń yí padà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé ẹ̀tọ́ aláìsàn ni. Ṣùgbọ́n ohun tó túmọ̀ sí ni pé «dídúró» ọdún 2008 àti «dídúró» ọdún 2013 kì í ṣe ohun kan náà.

Ìdajì ìbéèrè ni: «Ṣé o mọ̀ pé àwọn tí o ní kí wọ́n dúró kò dúró dọ́gba?» Bí aṣàyẹ̀wò bá dá ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀, ó ti fi àbùkù kan ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì ràn án lọ́wọ́. Odidi ìbéèrè ni: «Àwọn tí o ní kí wọ́n dúró, ìgbà wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn ní tòótọ́, apá ibo ni èyí sì fa èsì rẹ sí?»

Ẹ jẹ́ ká rò ó. Bí ìlànà ṣe ń gòkè, àwọn tó ń dúró ń tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn ju bí a ti rò lọ. Wọ́n wá ń jọ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ọ̀wọ́ méjì bá ń jọra wọn sí i, ìyàtọ̀ tí a ó rí láàárín wọn yóò máa kéré sí i. Tí a bá tún wá rí ìyàtọ̀ tó hàn gbangba láìka ìyẹn sí, àbùkù yìí kò lè jẹ́ ohun tó dá ìyàtọ̀ náà sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó pa díẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́ ni. Gbogbo ìwádìí ló ní àbùkù. Èyí tó ń fa èsì sọ́dọ̀ ohun tí olùsọ̀rọ̀ fẹ́ ni kó bà wá lẹ́rù jù.

5. Ìbéèrè kẹta: kí lo kà, ta ló kà á?

«Àìsàn líle» nínú Temprano jẹ́ àkópọ̀ nǹkan mẹ́rin: àìsàn tó fi hàn pé HIV ti di éèdì, jẹjẹrẹ tí kì í ṣe ti éèdì, àìsàn bakitéríà tó wọnú ara gidi, àti ikú láti ọwọ́ ohunkóhun. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn nìkan dáhùn ìbéèrè ńlá kan, torí pé ẹni tó bá dúró dìgbà tí èsì dé kó tó yan ohun tí yóò kà, yóò rí ohun tó fẹ́ rí.

Ṣùgbọ́n inú àkópọ̀ ni nǹkan ti máa ń fara pamọ́. Ìṣẹ̀lẹ̀ 204 ni wọ́n kà. Ikọ́ ife jẹ́ ìdá 42 nínú 100 wọn, àìsàn bakitéríà jẹ́ ìdá 27. Nítorí náà, bí olùsọ̀rọ̀ bá ní «àìsàn líle dín kù», ikọ́ ife ló ń sọ jù lọ, olùgbọ́ sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Kí aṣàyẹ̀wò bi í pé: nínú ohun tí o pa pọ̀, èwo ló gbé èsì rẹ? Kó tún bi í pé: ṣé èèyàn lo kà ni àbí ìṣẹ̀lẹ̀? Ẹnì kan lè ní ikọ́ ife ní oṣù karùn-ún, kó sì kú ní oṣù kẹwàá. Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì nìyẹn, èèyàn kan ni.

Ta ló wá kà á? Nínú ìwádìí yìí, aláìsàn mọ ohun tó ń lò, dókítà náà sì mọ̀ ọ́n. Kò sí oògùn àfarawé. Ní ti ikú, ìyẹn kò dí ohunkóhun lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó ń ṣiyèméjì nípa ẹni tó ti kú. Ikọ́ ife yàtọ̀. Nígbà mìíràn, yàrá àyẹ̀wò máa ń rí kòkòrò rẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Nígbà mìíràn, kò ní rí i, dókítà yóò wo fọ́tò àyà, ìgbóná ara àti bí aláìsàn ṣe ń rù, yóò sì pinnu. Dókítà tó mọ̀ pé ẹni tó wà níwájú òun ti lo ìsóníásíìdì fún oṣù mẹ́fà lè má tètè fura sí ikọ́ ife. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Bí ọkàn ọmọ èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ìbéèrè tó yẹ kí a kọ sílẹ̀ nìyí: àwọn tó fọwọ́ sí i pé àìsàn yìí jẹ́ ikọ́ ife, ṣé wọ́n mọ ọ̀wọ́ tí aláìsàn wà? Mélòó ni yàrá àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀? Bí a bá ka àwọn tí a fìdí wọn múlẹ̀ nìkan, ṣé èsì kò yí padà? Ìdáhùn tí ọkàn fi ń balẹ̀ ni pé ìgbìmọ̀ kan tí wọn kò jẹ́ kó mọ ọ̀wọ́ aláìsàn ló ṣe ìdájọ́, lórí ìlànà kan náà fún gbogbo wọn. Ṣé síláìdì kan sọ ọ́? Bí kò bá sọ ọ́, gbólóhùn kan péré ni kó fi kún un, ìyẹn kò sì ní gba ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ.

6. Ìbéèrè kẹrin: nọ́ńbà yìí jẹ́ ìdá kí ni, níbo sì ni ààlà rẹ̀ wà?

Ibi tí mo fẹ́ lò pẹ́ jù nìyí, torí pé ibí ni gbólóhùn àti ẹ̀rí ti sábà ń pínyà.

Nọ́ńbà tó rìn jìnnà jù nínú èsì náà ni 44: bíbẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ dín àìsàn líle kù ní ìdá 44 nínú 100. Bí olùgbọ́ bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ó lè rò pé nínú 100 èèyàn, a yọ 44 nínú ewu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdá 44 nínú ewu tó wà nílẹ̀ ni. Ewu tó wà nílẹ̀ wá ńkọ́? Nínú ọ̀wọ́ tó dúró tí kò lo ìsóníásíìdì, nǹkan bí 14.1 nínú 100 ló ní ìṣòro láàárín oṣù 30. Nínú ọ̀wọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tí kò lo ìsóníásíìdì, 7.4 ni. Láàárín àwọn tó lo ìsóníásíìdì, 8.8 ni ti àwọn tó dúró, 5.7 ni ti àwọn tó bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Nínú 100, nǹkan bí èèyàn méje la yọ ní ìhà àkọ́kọ́, mẹ́ta ní ìhà kejì. Ìdá 44 jẹ́ òótọ́, méje náà jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò dún bákan náà létí. Kí aṣàyẹ̀wò bi í pé: ṣé iye tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì ti hàn lójú síláìdì, àbí ìyàtọ̀ wọn nìkan lo kọ? Bí wọ́n bá ya àwòrán rẹ̀, kó wo bí wọ́n ṣe ya ilà òró. Bí ó bá lọ láti 0 dé 100, ilà 14.1 àti ilà 7.4 yóò sún mọ́ra nísàlẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Bí ó bá dópin ní 15, wọn yóò jìnnà síra bí òkè àti ilẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ nínú méjèèjì, kìkì kí olùsọ̀rọ̀ fi ìka tọ́ka sí ibi tí òǹkà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.

Ó wá ku ààlà. Nọ́ńbà ìfiwéra tí wọ́n mú wá ni 0.56. Bí ọ̀wọ́ méjì bá dọ́gba, 1 ni yóò jẹ́. Bó ṣe ń wálẹ̀ sí ni ewu ń dín kù sí. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan kì í dá rìn. Ti Temprano ní ààlà ìsàlẹ̀ 0.41 àti ààlà òkè 0.76, èyí tó túmọ̀ sí pé ohun tí wọ́n rí bá gbogbo iye tó wà láàárín méjèèjì mu. Bí a bá tilẹ̀ mú èyí tó burú jù, 0.76, oògùn náà ṣì ṣiṣẹ́.

Wàyí o, ẹ wo àwọn tí CD4 wọn tó 500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdá 41 nínú 100 àwọn èèyàn náà ni wọ́n, àwọn gan-an sì ni àríyànjiyàn ìgbà náà dá lé. Fún wọn, nọ́ńbà bíbẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tún jẹ́ 0.56. Ààlà rẹ̀ ti fẹ̀: 0.33 sí 0.94. Kí ló fẹ̀ ẹ́? Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ 204, 68 péré ló wà lọ́dọ̀ wọn. Ìṣẹ̀lẹ̀ tí a kà ló ń fún ẹ̀rí lágbára, iye èèyàn tí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kò lè rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá ní «èèyàn ẹgbẹ̀rún méjì ni mo wò» kò tíì dáhùn ìbéèrè yìí.

Fún ìsóníásíìdì láàárín àwọn kan náà, nọ́ńbà jẹ́ 0.61, ààlà rẹ̀ sì jẹ́ 0.36 sí 1.01. Ẹ wo 1.01 yẹn dáadáa. Ó fi díẹ̀ bíńtín kọjá 1. Olùsọ̀rọ̀ tó bá ní «ìsóníásíìdì ṣiṣẹ́ fún wọn» ti sọ ju ẹ̀rí lọ. Èyí tó bá sì ní «kò ṣiṣẹ́ fún wọn» ti sọ ju ti àkọ́kọ́ lọ pàápàá, torí pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú iye tó wà láàárín 0.36 àti 1.01 ló ń sọ pé ó ṣiṣẹ́. Gbólóhùn tí ẹ̀rí yìí lè gbé ni pé láàárín gbogbo èèyàn inú ìwádìí, ìsóníásíìdì dín àìsàn líle kù, níbi tí nọ́ńbà ti jẹ́ 0.65, ààlà 0.48 sí 0.88, àti pé láàárín àwọn tí CD4 wọn tó 500, ohun tí a rí kọjú sí apá kan náà, ṣùgbọ́n ìṣẹ̀lẹ̀ kò pọ̀ tó láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́tọ̀. Ó gùn ju «ó ṣiṣẹ́» lọ. Ṣùgbọ́n òun ni òótọ́, ó sì ṣeé sọ nínú èémí méjì.

7. Ìbéèrè karùn-ún: ṣé ẹ̀rí rẹ dé ibi tí gbólóhùn rẹ dé?

Síláìdì ìkẹyìn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò báyìí, torí ibẹ̀ ni gbólóhùn ti máa ń wú. Ká sọ pé ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ ní 2015 pé «ìsóníásíìdì ń dín ikú kù». Ìbéèrè aṣàyẹ̀wò ni: ikú mélòó ni, fúnra rẹ̀, láìpa á pọ̀ mọ́ ikọ́ ife? Láàárín oṣù 30, ikú kò pọ̀ tó láti gbé irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n rí nígbà náà ni pé àpapọ̀ àìsàn líle àti ikú dín kù.

Wọn kò dúró síbẹ̀. Wọ́n ń tẹ̀ lé àwọn èèyàn náà fún nǹkan bí ọdún márùn-ún, nígbà tó sì di 2017, Anani Badjé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì náà jáde nínú Lancet Global Health. Ikú 86 ló ti ṣẹlẹ̀: 34 láàárín àwọn tí kèké fún ní ìsóníásíìdì, 52 láàárín àwọn tí kò fún. Nọ́ńbà ìfiwéra jẹ́ 0.63, ààlà rẹ̀ 0.41 sí 0.97. Láti ìgbà yẹn, gbólóhùn tí ẹ̀rí kò lè gbé ní 2015 ti di èyí tó lè gbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 0.97 sún mọ́ 1, aṣàyẹ̀wò tó mọ iṣẹ́ yóò sì ní kí wọ́n fi í hàn lójú síláìdì. Mo fẹ́ràn àpẹẹrẹ yìí nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń bínú bí a bá ní kí wọ́n dín gbólóhùn wọn kù. Kò sẹ́ni tó ní ìsóníásíìdì kì í gba ẹ̀mí là. Ohun tí a sọ ni pé ẹ̀rí kò tíì dé.

Ibi tí a ti ṣe ìwádìí náà wà lára ìbéèrè yìí. Àbíjàn ni ikọ́ ife ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi gba ìdá 42 nínú ìṣẹ̀lẹ̀. Ní ìlú tí ikọ́ ife kò sí tó bẹ́ẹ̀, ṣé àǹfààní náà yóò tó báyìí? Temprano nìkan kò lè dáhùn. Ní ọdún 2015 kan náà, ìwádìí START tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 35, pẹ̀lú èèyàn 4,685 tí CD4 wọn ju 500 lọ, rí i pé bíbẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ dín ewu kù ní ìdá 57. Méjèèjì ló wà lára ohun tí Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé gbé yẹ̀wò ní oṣù Kẹsàn-án 2015, nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ní HIV bẹ̀rẹ̀ oògùn, iye CD4 yòówù kó ní.

8. Bí a ṣe ń kọ ìbéèrè náà

Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbí, tí wọ́n ń yẹ àṣamọ̀ wò fún àpérò, máa ń bi mí pé ìbéèrè mélòó ni kí àwọn kọ. Mẹ́ta tó, bí ó bá jẹ́ àwọn mẹ́ta tó ṣe kókó. Ẹni tí a fún ní ogún ìbéèrè yóò dáhùn àwọn mẹ́tàdínlógún tó rọrùn.

Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ibi tó ń tọ́ka sí, ohun tó lè yí padà bí ìdáhùn bá jẹ́ báyìí tàbí bẹ́ẹ̀, àti ohun tí ẹlẹgbẹ́ wa lè ṣe kí ọjọ́ tó pé. «Ẹ̀rí rẹ kò lágbára» kì í ṣe ìbéèrè, kò sì ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Aṣàyẹ̀wò kì í sì í béèrè fún ìwádìí tuntun. Ẹni tó ń lọ sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kò lè tún kèké ṣẹ́. Ohun méjì ló lè ṣe: kó mú ẹ̀rí tó ti wà nílẹ̀ jáde, tàbí kó dín gbólóhùn kù.

Bí ọ̀rọ̀ Temprano bá wà lórí tábìlì mi kí ó tó lọ sí Seattle, èyí ni ǹ bá kọ:

«Ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí mo gbọ́ ni pé bíbẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ dára ju dídúró de ìlànà lọ, àní fún àwọn tí CD4 wọn tó 500. Bí mo bá ṣì í gbọ́, tún síláìdì kejì ṣe. Ìlànà yí padà nígbà tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́: fi ìgbà tí àwọn tó dúró bẹ̀rẹ̀ oògùn hàn wá, kí o sì sọ apá tí ó fa èsì sí. Sọ ẹni tó fìdí ikọ́ ife múlẹ̀, àti bóyá ó mọ ọ̀wọ́ aláìsàn. Ní síláìdì ìkẹyìn, bí o bá kọ ọ́ pé ìsóníásíìdì ṣiṣẹ́ fún gbogbo wọn, rántí pé ààlà òkè fún àwọn tí CD4 wọn tó 500 jẹ́ 1.01. Ṣé o ní ẹ̀rí mìíràn tí kò sí nínú síláìdì, àbí kí a yọ ‹gbogbo wọn› kúrò?»